Ìlà Mẹ́ta Tí Wọ́n Fi Bírò Pupa Fà

Ẹ wò ó, iṣẹ́ tó le jù láyé yìí, kì í ṣe igi lílà, kì í ṣe omi pípọn. Kí wọ́n ní kí èèyàn kọ̀wé nípa ara ẹ̀, bí ẹni pé ẹlòmíì ló kọ ọ́, kó má fọ́nnu, kó má sì dà bí ẹni tí ò ṣe nǹkan kan rí láyé. Iṣẹ́ yẹn ló já lé agbẹ̀bí kan lọ́wọ́.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni obìnrin yìí ti ń gbẹ̀bí. Ọwọ́ ẹ̀ yá, ẹnu ẹ̀ ló wúwo. Àwọn agbẹ̀bí fẹ́ ṣe àpérò ńlá kan, wọ́n ní kó wá bá àwọn sọ̀rọ̀. Lẹ́tà tí wọ́n kọ sí i ní kó fi ìtàn ara ẹ̀ ránṣẹ́ fún ìwé ètò: kò gbọdọ̀ ju ọgọ́rin ọ̀rọ̀ lọ, kò sì gbọdọ̀ sí "mo" níbẹ̀, "ó" ni kó máa lò.

Ọjọ́ Sátidé ló jókòó ti tábìlì. Ó kọ, ó pa á rẹ́. Ọkọ ẹ̀, onígbàjámọ̀ tí ẹnu ẹ̀ mú ju abẹ ẹ̀ lọ, na ọrùn láti ẹ̀yìn.

"'Ó jẹ́ ẹni iyì, ó ní sùúrù, ó fẹ́ràn ọmọnìkejì.' Ìyàwó mi, ta ló kú?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀."

"Mo kàn ń béèrè ni, kí n lè mọ aṣọ tí màá wọ̀."

Ó fa ìlà sí i. Ó kọ "ògbóǹtarìgì agbẹ̀bí tí kò lẹ́gbẹ́." Ìyẹn tún burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọkọ ẹ̀ rẹ́rìn-ín títí, ó wá fa àga, ó jókòó. "Kí lo ṣe tí wọ́n fi ránṣẹ́ pè ọ́? Kọ ìyẹn, kí o pa ẹnu dé."

Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n nìyẹn. Ohun tó ṣe rèé. Tẹ́lẹ̀, bí obìnrin bá bímọ tán, ojú ni wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀ tó dà: "kò tíì pọ̀", "ó ti ń pọ̀ o". Ojú sì máa ń purọ́. Agbẹ̀bí wá gbé òṣùwọ̀n wọ yàrá ìbímọ, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì fi ń wọn ìyẹ̀fun. Á wọn aṣọ nígbà tó gbẹ, á tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tó bá ti mu ẹ̀jẹ̀. Á yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti ìkejì, ohun tó kù ni ẹ̀jẹ̀. Bó bá ti tó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta gíráàmù, á ké sí dókítà, kò ní dúró kí ojú ìyá kọ́kọ́ funfun. Gbogbo ẹ̀ ló ń kọ sínú ìwé kan tó ní ẹ̀yìn dúdú.

Ló bá kọ ọ́:

"Ó ti ń gbẹ̀bí fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Òun ló bẹ̀rẹ̀ wíwọn aṣọ ẹ̀jẹ̀ ní yàrá ìbímọ ilé ìwòsàn rẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́ta, àwọn ìyá tí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó fura sí ẹ̀jẹ̀ wọn dín láti mọ́kànlélógún lọ́dún sí mẹ́jọ."

Ọkọ ẹ̀ kà á. Kò ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. "Ó gún régé," ló sọ.

Àmọ́ àyà agbẹ̀bí ṣì ń já. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó mú un lọ bá Gègé. Gègé ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀ níbi iṣẹ́, torí pé ó mọ̀wé kọ. Wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ ni, Gègé fi ọdún méjì ṣáájú. Ó ti kúrò ní yàrá ìbímọ tipẹ́, ọ́fíìsì ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ló wà, ó sì wà nínú àwọn tó ń to ìwé ètò àpérò náà. Òun náà máa sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Òun ni agbẹ̀bí gbé ìwé ẹlẹ́yìn dúdú yẹn fún ní oṣù méjì ṣáájú, kó bá a fi kọ ìjábọ̀ fún ọ̀gá àgbà.

Gègé mú bírò pupa. "Àbúrò mi, ó dáa pé o ò kọ 'ògbóǹtarìgì'. Ohun tí èèyàn ṣe ni kó sọ. Ẹni tó ń kà á ló máa fi ẹnu ara ẹ̀ yìn ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi."

"Ṣùgbọ́n 'òun ló bẹ̀rẹ̀' yìí... hùn. Bí ẹni ń lu àyà ni. Àwọn àgbà máa wà níbẹ̀ o." Bírò fà á. "Iye yìí náà, àfi bí ẹni ń ka ẹrù." Bírò tún fà á.

Ó fa ìlà ti ọdún náà pẹ̀lú, ó wá fọwọ́ ara ẹ̀ kọ èyí dípò: "Agbẹ̀bí ni. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn láti wà láàárín yín."

"Ṣé kò kéré jù báyìí?"

"Ìrẹ̀lẹ̀ kì í kéré. Fọkàn balẹ̀, èmi ni màá tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀."

Ó dúpẹ́, àní ó kúnlẹ̀.

Lọ́jọ́ àpérò, wọ́n fún un ní ìwé ètò lẹ́nu ọ̀nà. Ó ṣí i. Ojú ewé kẹsàn-án ni tirẹ̀ wà, ìlà méjì tín-ín-rín lábẹ́ fọ́tò. Ojú tì í díẹ̀, ó ń ṣí i lọ ṣí i bọ̀. Ó wá dé ojú ewé kẹrin, níbi tí fọ́tò Gègé wà.

"Òun ló bẹ̀rẹ̀ wíwọn aṣọ ẹ̀jẹ̀ ní yàrá ìbímọ ilé ìwòsàn rẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́ta..."

Mọ́kànlélógún. Mẹ́jọ. Wọn ò yí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan padà. Ó tún dára lójú ìwé, kò fọ́nnu, kò sì rẹ ara ẹ̀ sílẹ̀ jù. Bí àlejò bá kà á, á ní obìnrin yìí mọ iṣẹ́. Agbẹ̀bí ká ìwé náà mọ́wọ́, ó ń wá Gègé kiri.

Ó rí Gègé níbi tí wọ́n ti ń bu omi mu.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ rò tí ẹ fi ṣe èyí?"

Gègé wo ìwé, ó wo ilẹ̀. "Èmi ni mo kọ ìjábọ̀ yẹn. Òru mélòó ni mo fi kọ ọ́? Ìwọ fúnra ẹ lo ní ká yọ ọ́."

"Èmi? Ẹ̀yin lẹ ní ó dà bí ìfọ́nnu!"

"O sì gbà."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ agbẹ̀bí lára ju olè jíjà náà lọ. Torí pé òótọ́ ni, ó gbà, ó tún kúnlẹ̀.

Alága ìjókòó náà, dókítà kan tó ń wo aago lemọ́lemọ́, sáré bá a. "Ìyá, ẹ̀yin ló kàn. Ohun tó wà nínú ìwé yìí kúrú o. Ṣé kí n kà á bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ yá mi ní bírò."

Ó kọ ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn padà. Ó fi kún un pé agbẹ̀bí mẹ́rin ló bá a wọn aṣọ, torí pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ó wá kọ pé ẹ̀gbọ́n òun ní ọ́fíìsì ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ló kọ ìjábọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Kò bù ú kù, kò bù ú lé.

Alága kà á sókè. Ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í dún lórí itan àwọn èèyàn: wọ́n ń ṣí ojú ewé kẹrin. Ẹnì kan bi ẹnì kejì, "Méjì ni wọ́n ni?" Gègé wà ní ìjókòó iwájú, ó ń wá nǹkan nínú báàgì, ó ń wá a, kò rí i. Agbẹ̀bí sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Kò gbọ́ ọ dáadáa.

Gègé bá a lẹ́nu ọ̀nà. "O ṣe dáadáa, àbúrò."

"Ìwé ẹlẹ́yìn dúdú mi dà, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ó wà nílé."

"Màá rán ọkọ mi wá gbà á."

Títí dòní, "ẹ̀gbọ́n mi" ló ń pè é bí wọ́n bá pàdé ní kọ́rídọ̀ ilé ìwòsàn. Ẹnu ti mọ́ ọn lára, kí ló fẹ́ ṣe? Ohun tó ń dùn ún nìyí, ó sọ ọ́ fún ọkọ ẹ̀: ká ní wọ́n ti ní kí òun kọ ìtàn Gègé fún ìwé yẹn ni, òun ò ní í wá ọ̀rọ̀ ìyìn tì. Ọgọ́rin ọ̀rọ̀ ò ní í gbà á.