Ojú Káfíńtà

Àárọ̀ ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó ń ṣàwàdà nínú àgọ́ pákó tí wọ́n ti ń ṣèpàdé níbi iṣẹ́ ìkọ́lé náà. Alábòójútó tuntun jókòó sápá ọ̀tún Ẹnjiníà. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Ọkọ̀ kọnkéré ti wà lójú ọ̀nà, dẹ́kìn, ìyẹn pẹpẹ pákó tí wọ́n máa dà á lé, sì ń dúró dè é, ó tẹ́ pẹrẹsẹ lórí àwọn òpó igi tí káfíńtà àgbà àtàwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ nà ró.

Aláròyé ni gbogbo wọn ń pe káfíńtà yìí, orúkọ ọ̀hún sì bá a mu. Bí ìṣó bá kúrú, á wí. Bí oòrùn bá mú, á wí. Ó lè fi ìdajì ìpàdé bá pákó jà. Lónìí, orúnkún rẹ̀ nìkan ló ń fọwọ́ ra, ojú rẹ̀ ń lọ síbi fèrèsé, ó ń padà wálẹ̀. Àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń wojú rẹ̀.

Alábòójútó rí i. Kì í ṣe pé kò rí i o! Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú tirẹ̀ ló fi túmọ̀ ohun tó wà lójú ẹlòmíì. Bàbá yìí ti ń retí pé òun ni wọ́n máa fi ṣe alábòójútó, àfi bí wọ́n ṣe gbé ipò fún obìnrin tó lè bí lọ́mọ. Láti ìgbà náà ni obìnrin yìí ti ń wá ìbínú lójú rẹ̀, ẹni tó bá sì ń wá nǹkan lójú èèyàn kì í ṣàì rí i. "Mo mọ̀," ló ń sọ nínú ara rẹ̀. "Ojú gbogbo ayé ló fẹ́ ti dójú tì mí."

Níbi iṣẹ́ yìí, kí wọ́n tó da kọnkéré, olórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ sọ pé "Ó yá" létí gbogbo èèyàn. Olórí àwọn onírin wí. Olórí àwọn bíríkìlà wí. Ó kan káfíńtà.

"Bí ẹ bá ti wí," ló fi dáhùn.

Ẹnjiníà gbójú sókè. Òun ló bú bàbá náà lánàá, tó ní ẹni tó bá tún dárúkọ ìdádúró fún òun máa lọ sílé. "Bí a bá ti wí kẹ̀? Ṣé ó yá àbí kò yá?"

Ojú káfíńtà tún lọ síbi fèrèsé. Ìgbà yẹn ni alábòójútó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé bàbá yìí kò tiẹ̀ wo òun rí látàárọ̀. Ẹni tó ń bínú síni kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Dẹ́kìn ló ń wò. Ẹ̀rù ni, kì í ṣe ìbínú! Pé òun ti mọ̀ ọ́n yìí ló yá a lórí tó fi la ẹnu:

"Bàbá, ṣé ẹ̀rù ń bà yín ni?"

Áà! Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àgbà ọkùnrin lo bi nírú ìbéèrè yìí, níwájú àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Ọmọṣẹ́ kan rẹ́rìn-ín símú. Káfíńtà nà ró ṣánṣán.

"Ẹ̀rù? Èmi kẹ̀? Iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe kí wọ́n tó bí ẹ!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dénú.

"Ó yá," ó ní. "Ẹ máa dà á."

Alábòójútó fẹ́ ní kí wọ́n sinmi díẹ̀ ná, kó lè rí bàbá náà pè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣùgbọ́n Ẹnjiníà ti dìde.

Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, kọnkéré ń dà sórí dẹ́kìn. Látẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, alábòójútó rí káfíńtà tó rán gbogbo ọmọṣẹ́ rẹ̀ lọ síbi tó jìnnà, tó wá tẹ̀ ba, tó dá nìkan wọ abẹ́ dẹ́kìn láti lọ yẹ àwọn òpó wò. Obìnrin náà sáré tọ Ẹnjiníà lọ, kò sì wo ta ló wà níbẹ̀.

"Sà, ẹ dákun, ẹ dá ẹ̀rọ dúró. Ẹ̀rù ń bà mí. Òjò ti rin ilẹ̀ tí àwọn òpó yẹn dúró lé. Bó bá jẹ́ pé ojo lásán ni mí, ẹ lé mi lọ lọ́la."

Ẹnjiníà ti ya ẹnu láti pariwo. Olórí àwọn onírin ju ẹ̀mú rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ̀rù ń ba èmi náà, sà."

"Ó ti ń bà wá látàárọ̀," olórí àwọn bíríkìlà ní. Ó juwọ́ sáwọn èèyàn rẹ̀ lókè, wọn ò sì dúró gbàṣẹ kí wọ́n tó máa sọ̀ kalẹ̀. Ẹnìkan pa ẹ̀rọ. Alábòójútó ń ké sí káfíńtà kó jáde.

Igi kan dún pà lábẹ́. Òmíràn tẹ̀ lé e. Igun dẹ́kìn kan rọra tẹ̀, ó sì wó lulẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ohun tí wọ́n ti dà lé e.

Etí ibi tó wó ni wọ́n ti fa bàbá náà jáde. Ó ń mí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti ṣẹ́ sódì. Alábòójútó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀.

"Òpó apá ibẹ̀ ti ń rì látàárọ̀," bàbá náà ní. "Mo rí i kí n tó wọ ìpàdé."

"Bàbá, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ, nígbà tí mo bi yín?"

Ó wo àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ tó ń sáré bọ̀, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ kí wọ́n má baà gbọ́.

"Ká ní o pè mí síta ni, ọmọ mi, ǹ bá sọ fún ẹ."