Ooru Sósì, Ìfúnpọ̀ Sọ́tùn-ún

Apòògùn tó ni ṣọ́ọ̀bù òògùn tó dojú kọ ilé-ìwé wa jẹ́ ọlọ́gbọ́n ènìyàn. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Kóòtù funfun rẹ̀ kì í dọ̀tí, bírò mẹ́ta sì máa ń wà lápò àyà rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ló ń kọ̀wé. Àwọn oníbàárà ń pè é ní Dókítà, kò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn rí.

Èmi ni mò ń kọ́ àbígbẹ̀yìn rẹ̀ ní kẹ́mísìrì. Ọmọbìnrin ni, Jẹ́jẹ́ làwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, torí pé kì í sọ̀rọ̀ sókè. Lọ́jọ́ tí mo mú tíúbù gíláàsì kan tí wọ́n dí lẹ́nu pa wọ kíláàsì, tí gáàsì pupa rúsúrúsú wà nínú rẹ̀, àwọn tó kù ń pariwo bí ẹni tó rí idán. Mo ti tíúbù náà bọ omi yìnyín, àwọ̀ rẹ̀ ṣá. Mo tì í bọ omi gbígbóná, pupa rẹ̀ padà wá, ó tún ki ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Jẹ́jẹ́ nìkan ló béèrè pé kí ló dé tó fi ń padà sẹ́yìn lẹ́yìn tó ti yí padà.

Mo ṣàlàyé fún un pé kò sóhun tó dúró sójú kan nínú tíúbù yẹn. Bí àwọn ẹyọ gáàsì kan ṣe ń so pọ̀ ni àwọn kan ń tú ká. Nígbà tí ìyára àlọ bá bá ìyára àbọ̀ mu, ìyẹn la ń pè ní ìdọ́gba. Bí o bá fi ooru kún un, ọ̀nà tó ń jẹ ooru ló máa gbà. Bí o bá fún un pọ̀, ìhà tí ẹyọ gáàsì ti kéré ló máa sún sí, kí ara lè rọ̀ ọ́ díẹ̀. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó ní ó dà bí ẹni tí wọ́n ń tì, tí òun náà ń tì padà. Mo ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni, àmọ́ kì í tì í padà tán. Ó kàn ń dín ìyà ara rẹ̀ kù ni.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé ọmọ sáyẹ́ǹsì lọmọ yìí. Òun náà mọ̀ ọ́n, ó sì fẹ́ ẹ débi pé tí mo bá gbàgbé láti nu pátákó, inú rẹ̀ á dùn, á jókòó máa kà á lẹ́yìn tí àwọn yòókù bá ti jáde. Ìdánwò kan ló kù kí a tó pín kíláàsì, orí ìdọ́gba yìí kan náà ni. Ẹni tí kò bá gba ìdajì máàkì, kó palẹ̀ ìwé rẹ̀ mọ́, kó máa lọ sí kíláàsì tí wọn ò ti ń ṣe sáyẹ́ǹsì. Kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀.

Apòògùn gbọ́ pé ìdánwò ń bọ̀, ó ní kí gbogbo wa lọ jókòó, òun ti dé. Òun náà ti ṣe irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ nígbà tí èmi ò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì. Náítírójìn àti háídírójìn tó ń di amónià ni wọ́n bi wọ́n lọ́jọ́ náà, amónià sì wà lápá ọ̀tún. Tí wọ́n bá ń di amónià, ó máa ń tu ooru síta, nítorí náà tí o bá fi ooru kún un, á padà sósì. Ẹyọ gáàsì mẹ́rin wà lósì, méjì wà lọ́tùn-ún, nítorí náà tí o bá fún un pọ̀, á lọ sọ́tùn-ún. Apòògùn gbà á, wọ́n fún un ní gbogbo máàkì. Òótọ́ ni. Òótọ́ kan ṣoṣo yẹn ló wá gbé dání láti ìgbà náà, tó sọ ọ́ di òfin fún gbogbo ayé. Ó tilẹ̀ fi kọrin: ooru sósì, ìfúnpọ̀ sọ́tùn-ún.

Nídìí káńtà ló ti ń mú ọmọ náà kọ ọ́, láàárín ẹni tó ń ra òògùn ibà àti ẹni tó ń ra òògùn ikọ́. Orin náà wọ àwọn oníbàárà lára. Mo fetí ara mi gbọ́ tí ìyá ọlọ́mọ kan ń fi rẹ ọmọ lẹ́kún. Kò pẹ́ tí orin náà fi sọdá títì wọ inú kíláàsì mi. Jẹ́jẹ́ gbìyànjú láti sọ fún bàbá rẹ̀ pé ó dọwọ́ ibi tí wọ́n bá kọ nǹkan sí, àti iye gáàsì tó wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Apòògùn bi í pé nínú àwọn méjèèjì, ta ló bí ẹnì kejì. Kẹ́mísìrì ò ní ìdáhùn sí irú ìbéèrè yẹn.

Èmi ni mo ṣe ìbéèrè ìdánwò, ojú mi sì le. Mo gbé amónià sápá òsì, mo ní ó ń tú di náítírójìn àti háídírójìn lápá ọ̀tún. Ìtúká yẹn ló ń jẹ ooru. Mo béèrè pé tí a bá fi ooru kún un, ibo ló ń lọ. Tí a bá fún un pọ̀ ńkọ́? Mo tún fi èkejì sí i: háídírójìn àti áyódìn, gáàsì làwọn méjèèjì, ẹyọ kan ẹyọ kan, tí wọ́n ń so pọ̀ di ẹyọ gáàsì méjì. Méjì lósì, méjì lọ́tùn-ún. Fún un pọ̀ títí ọwọ́ á fi bó ọ, kò síbi tó ń sún lọ.

Orin Apòògùn gbé ìdajì kíláàsì lọ bí àgbàrá. Ìyẹn ò dùn mí. Ti Jẹ́jẹ́ ló dùn mí. Ó ti kọ gbogbo rẹ̀ dáadáa: ooru sọ́tùn-ún torí pé ìtúká ló ń jẹ ooru, ìfúnpọ̀ sósì torí pé ẹyọ méjì kéré sí mẹ́rin, ti áyódìn ò sì sún síbì kankan. Lẹ́yìn náà ló wá fi rúlà fagi lé gbogbo rẹ̀, ó kọ orin bàbá rẹ̀ sábẹ́. Òfin wa ni pé ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti fagi lé, a kì í máàkì rẹ̀. Inú bí mi débi pé mo ju bírò sílẹ̀. Mo fún un ní ohun tó tọ́ sí i lábẹ́ òfin, kò sì tó ìdajì.

Nígbà tí èsì jáde, Apòògùn sọdá títì pẹ̀lú kóòtù funfun rẹ̀, ó já wọ ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé. Ọ̀gá wa máa ń bẹ̀rù òbí ju bó ṣe ń bẹ̀rù Ọlọ́run lọ. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí, wọ́n ránṣẹ́ pe ọmọ. Apòògùn ní mo ń jowú ọmọ òun, mo sì ti fún un ní òdo lórí ìdáhùn tí òun fi gba gbogbo máàkì kí wọ́n tó bí mi sáyé. Mo fún Apòògùn ní ẹfun ìkọ̀wé, mo ní kó jọ̀ọ́, kó bá wa kọ ìbéèrè náà sórí pátákó. Ó kọ ọ́. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára, mi ò ní purọ́.

“Ẹyọ gáàsì mélòó ló wà lósì, sà?”

“Méjì.”

“Ọ̀tún ńkọ́?”

“Mẹ́rin.”

“Tí ẹ bá wá fún wọn pọ̀, ibo ni wọ́n máa sún sí kí ara lè rọ̀ wọ́n?”

“Ọ̀tún,” ni Apòògùn wí, kò sì rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá wa tẹ orí mọ́lẹ̀. Apòògùn tún pátákó wò, ó ní ìbéèrè yìí gan-an ló dojú rú, pé ta ló ń kọ amónià sápá òsì. Ó ní nígbà tiwọn, amónià mọ àyè rẹ̀. Mo ṣí ìwé ìdánwò Jẹ́jẹ́, mo tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀, mo fi ìka sí ibi tí ọmọ náà fagi lé.

Ó kà á pẹ́. Ó wo pátákó, ó tún kà á. Lójú mi báyìí ni ojú rẹ̀ ṣe ń yí padà díẹ̀díẹ̀, torí pé kì í ṣe òmùgọ̀ rárá. Ó kàn ti pẹ́ tó ti ronú kẹ́yìn ni.

“Ta ló ní kó o fagi lé èyí?”

“Èyí tí mo fagi lé ni mo mọ̀, Dádì. Èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni ẹ kọ́ mi.”

“Tó o bá mọ̀ ọ́n, kí ló dé tó ò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?”

“Ilé yín ni mò ń padà sí.”

Àánú ọmọ náà ṣe mí. Àánú bàbá náà fẹ́ ṣe mí, àmọ́ kò jẹ́ kó pẹ́. Kíá ló ti yíjú sí ọ̀gá wa pé kí wọ́n kúkú máàkì ohun tí wọ́n fagi lé yẹn, ó ṣe tán, ó tọ̀nà. Ọ̀gá ti fẹ́ gbà. Mo ní tí wọ́n bá gbà, kí wọ́n wá olùkọ́ mìíràn. Níkẹyìn a fẹnu kò pé kí gbogbo àwọn tí orin gbé lọ tún ìdánwò ṣe, ìbéèrè tuntun. Apòògùn nu ẹfun kúrò lọ́wọ́, ó ní kò burú, òun á tún ọmọ òun kọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́, Dádì,” ni Jẹ́jẹ́ wí, “ẹ má kọ́ mi mọ́.”

Ó kúnlẹ̀ sọ ọ́, kò sì gbójú sókè. Apòògùn mú ọ̀kan nínú bírò rẹ̀, ó dá a padà sápò, ó jáde. Kò kí ẹnikẹ́ni.

Nínú ìdánwò kejì, mo gbé oríṣiríṣi kalẹ̀. Orin náà tọ̀nà nínú òmíràn, ó ṣìnà nínú òmíràn, kò sì sí máàkì fún ẹni tí kò bá sọ ìdí. Jẹ́jẹ́ kò fagi lé ohunkóhun. Máàkì rẹ̀ ló ga jù, ó sì dúró sí kíláàsì sáyẹ́ǹsì.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ ra òògùn ẹ̀fọ́rí ní ṣọ́ọ̀bù Apòògùn, torí ẹ̀fọ́rí tó jẹ́ pé òun ló fún mi ní ìdajì rẹ̀. Mo bá a tó ń ròyìn fún ìyá àgbà kan pé ọmọ òun ló gbégbá orókè, pé nídìí káńtà yìí lòun ti kọ́ ọ. Ó rí mi, kò sì dákẹ́. Ìyá àgbà yíjú sí Jẹ́jẹ́ tó ń to páálí òògùn, ó bi í pé ṣé lóòótọ́ ni pé bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ.

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà,” ni ọmọ náà fèsì jẹ́jẹ́. “Ìdánwò àkọ́kọ́ ni wọ́n kọ́ mi fún.”

Inú ìyá àgbà dùn, ó wúre fún bàbá, ó wúre fún ọmọ. Apòògùn kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń tú orí pẹpẹ wò, ó ń wá òògùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.