Ọgọ́rin Ọjọ́ Tó Sọnù

Monínúọlá kò lọ sílé ìwé ju ìwé mẹ́fà lọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fi owó rẹ́ ẹ jẹ ní ọjà Ìgbẹ́mọ. Ọdún mọ́kànlélógún ló ti fi ń ta ìrẹsì. Bí o bá bá a ná an, kó tó gba ẹyọ owó kan lọ́wọ́ rẹ, ó ti mọ iye tó máa ṣẹ́ kù fún un. Nítorí náà, nígbà tí Dùnmínínú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti báńkì tó wà ní Adó dé ní ọ̀sán Túsídeè, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta, tó jókòó sórí àpótí nínú ṣọ́ọ̀bù tó sì dárúkọ iye tó bá nínú àkáǹtì wọn, ńṣe ni Monínúọlá rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Akin, o ṣì í kà. Tún un kà."

"N ò ṣì í kà. ₦3,751,250 ni."

Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu Monínúọlá.

Owó àjọni ni owó náà. Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá ni àwọn méjèèjì dá a jọ, kálukú mú ₦1,825,000 wá, ó jẹ́ ₦3,650,000. Ẹ̀rọ tí ń bó ìrẹsì ni wọ́n fẹ́ fi rà. Bàbá Bámgbóyè tó ni ẹ̀rọ náà ní Ìjàn ti dàgbà, ó fẹ́ tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ lọ sí Abẹ́òkúta. ₦3,890,000 ló fẹ́ tà á, ó sì gbà láti dúró dè wọ́n títí di ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù kẹta. Dùnmínínú, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló dábàá pé kí wọ́n má jẹ́ kí owó náà sùn lásán, kí wọ́n tì í pa ní báńkì fún ọgọ́sàn-án ọjọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní fíìsì dìpọ́síìtì, kí èlé rẹ̀ lè bá wọn dí ohun tó kù.

Ọjọ́ tí wọ́n lọ ṣí i, Monínúọlá ní kí ọmọbìnrin tó dá wọn lóhùn ní báńkì ṣàlàyé fún òun bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọdé. Títílọpẹ́ ni orúkọ ọmọ náà. Ó ṣàlàyé. Náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí ọgọ́rùn-ún ni èlé náà, ṣùgbọ́n ti odidi ọdún kan nìyẹn. Wọn á pín in sí ọ̀nà òjìdínnírinwó ó lé márùn-ún, iye ọjọ́ tó wà nínú ọdún, wọn á wá fi iye ọjọ́ tí owó lò lọ́dọ̀ wọn sọ ọ́ di púpọ̀. Lórí owó tiyín, mà, ó jẹ́ ₦1,500 lójúmọ́.

₦1,500 lójúmọ́! Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ Monínúọlá nínú. Ó di mọ́ ọn bí orin. Lọ́gọ́sàn-án ọjọ́, ₦270,000. Ìjọba á yọ ìdá mẹ́wàá nínú èlé náà fún owó orí, ìyẹn ₦27,000. Ohun tí yóò kù ni ₦243,000. Bí wọ́n bá fi kún ojú owó, ó di ₦3,893,000. Wọ́n san ti ẹ̀rọ, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta kù tí wọn á fi wọkọ̀. Kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù ló fi ń ka ọjọ́. Àràárọ̀ ló ń fi bírò gé ọjọ́ kan.

"Àbí ìjọba ti fi kún owó orí?" ló bi Dùnmínínú.

"Bóyá. O mọ̀ wọ́n. Wọ́n ti jẹ ẹ́."

"Èlé nìkan ni wọ́n ń yọ ìdá mẹ́wàá lára rẹ̀. ₦141,750 ló dín. Kì í ṣe ìjọba. Báńkì ló rẹ́ wa jẹ. Jẹ́ ká lọ lọ́la."

Dùnmínínú ń fi etí ìborùn rẹ̀ nu ọwọ́. "Fi wọ́n sílẹ̀, Ìyá Oore. Ta ló ń bá báńkì jà? A ó wá ìyókù kún un."

Nínú ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti ń bá ara wọn bọ̀, Monínúọlá kò tíì rí Dùnmínínú kó fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó yẹ kí ìyẹn fu ú lára. Kò fu ú. Ó rò pé ó ti rẹ ọ̀rẹ́ òun ni. Ó ní òun nìkan á lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Wẹ́sídeè, orúnkún tó ń dùn ún kò dá a dúró. Ó wọ mọ́tò dé Adó, ó gun ọ̀kadà dé ẹnu ọ̀nà báńkì, ó sì bá Títílọpẹ́ nídìí tábìlì rẹ̀. Kò jókòó.

"Ọmọ mi, èmi kì í ṣe ẹni tí ẹ ń rẹ́ jẹ! ₦1,500 lójúmọ́ lo fi ẹnu ara rẹ sọ. Níbo ni owó wa wà? Owó àwọn ìyá àgbà tó ń ta ìrẹsì lẹ fẹ́ fi kọ́lé?"

Gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà yíjú. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀. Títílọpẹ́ dìde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ kó jókòó. Ó tẹ nǹkan sínú kọ̀ǹpútà, ó wò ó, ó tún Monínúọlá wò.

"Mà, ṣé ẹ ò mọ̀ pé wọ́n ti tú owó yìí kó tó pé?"

"Ta ló tú u?"

Ọmọbìnrin náà tún dìde. Ó lọ sẹ́yìn, ó mú fáìlì wá. Ìwé kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ kọ, lẹ́tà gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ tó tò bí ti pátákó ìkọ̀wé. Monínúọlá mọ ìkọ̀wé náà. Ti Dùnmínínú ni. Dùnmínínú ló kọ ìwé ìsàmì Oore-ọ̀fẹ́ ọmọ òun. Òun ló kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí ọkọ òun kú.

"Ọjọ́ kejìlá oṣù kejìlá ni wọ́n mú un wá," ni Títílọpẹ́ wí pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́. "Ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ni owó náà ti lò nígbà yẹn. ₦1,500 lọ́nà ọgọ́rùn-ún, ó jẹ́ ₦150,000. Ṣùgbọ́n ó wà nínú ìwé tí ẹ jọ fọwọ́ sí pé bí ẹ bá tú u kó tó pé, ẹ ó pàdánù ìdámẹ́rin èlé tó ti wọlé. ₦37,500 nìyẹn. Ó ku ₦112,500. Owó orí mú ìdá mẹ́wàá rẹ̀, ₦11,250. Ohun tó kù ni ₦101,250. Ọgọ́rin ọjọ́ yòókù kò sì ní èlé kankan, nítorí owó kò sí lọ́dọ̀ wa mọ́."

"Kò sí lọ́dọ̀ yín?"

"Wọ́n gbé ojú owó lọ lọ́jọ́ náà, mà. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kejì, ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ni wọ́n dá ₦3,650,000 padà sínú àkáǹtì."

Monínúọlá fi ìka tọ ojú ìwé náà. "Ẹnì kan ṣoṣo ló fọwọ́ sí i. Èmi ńkọ́?"

"A bi yín lọ́jọ́ tí ẹ ṣí i, mà, bóyá kí ẹ̀yin méjèèjì jọ máa fọwọ́ sí i ni, àbí kí ọ̀kan tó. Ẹ ní kí ọ̀kan tó."

Ó rántí. Dùnmínínú ló dáhùn: "Ọ̀kan tó, jàre. Orúnkún Ìyá Oore kò jẹ́ kó lè máa rìnrìn àjò." Inú òun dùn lọ́jọ́ náà pé òun ní ẹni tó ń ro tòun. Fóònù Dùnmínínú náà ni wọ́n ní kí àláàtì máa wọ̀.

Ó dìde. Ó ní, "Ọmọ mi, má bínú. Mo bú ọ láìṣẹ̀." Títílọpẹ́ ní kò sí nǹkan kan, mà. Kàkà kó bínú, àánú ni ó wà lójú ọmọ náà, ìyẹn ló sì dun Monínúọlá jù.

Nígbà tó dé Ìgbẹ́mọ, kò dé ilé rẹ̀ rárá. Ó gba ọ̀dọ̀ Dùnmínínú lọ tààrà. Páànù pupa tuntun ń dán lórí ilé náà. Sunday tó kọjá ni òun bá wọn dá ọpẹ́ lórí páànù yìí. Dùnmínínú ní Akínyẹlé ọmọ òun ló fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ láti Ìbàdàn.

Ó bá a níwájú ilé, ó ń ṣa ewé ẹ̀fọ́.

"Kí lo fi owó wa ṣe láti oṣù kejìlá?"

Ewé bọ́ lọ́wọ́ Dùnmínínú. Ó kọ́kọ́ fẹ́ purọ́, Monínúọlá rí irọ́ náà bó ṣe ń gòkè bọ̀ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mí kanlẹ̀.

"Ìrẹsì eléèpo ni mo rà. Ó pọ̀ lóko nígbà náà, ó sì pọ́ọ̀kú. Mo kó o pamọ́, mo tà á lóṣù kejì. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin ló jẹ́ lérè."

"Páànù yìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìrẹsì ààbọ̀ àpò tí o gbé fún mi ní Kérésì?"

Dùnmínínú tẹ orí ba, ó ń ṣa àwọn ewé tó bọ́ sílẹ̀. Monínúọlá rí ara rẹ̀ lọ́jọ́ náà bó ṣe ń gbàdúrà fún un, bó ṣe ń ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọwọ́ tó ń fúnni rọ. Òun tó ń ta ìrẹsì, tó mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn rà á àti ìgbà tó yẹ kó tà á! Iṣẹ́ òun gan-an ni obìnrin yìí fi owó òun ṣe, lẹ́yìn òun.

"Mo dá ojú owó padà pé pérépéré," ni Dùnmínínú wí. "N kò jí kọ́bọ̀. Ká ní mo bi ọ́, o ò ní gbà."

"Ìyẹn ni o kò ṣe bi mí. O mọ̀ pé mo lè sọ pé rárá."

"Màá san ìdajì èlé tó bọ́ fún ọ. ₦70,875. Lónìí."

"Àná ńkọ́? Àná tí o jókòó sórí àpótí mi tí o ní ìjọba ló jẹ ẹ́? O jẹ́ kí n lọ pariwo mọ́ ọmọ ọlọ́mọ láàárín èrò."

Dùnmínínú bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Tẹ́lẹ̀ rí, bó bá ti sunkún, Monínúọlá á ti bá a sun ún. Lọ́jọ́ yìí, ó dúró, ó ń wò ó bí ẹni ń wo òjò ní ìlú onílùú.

Wọn kò rí ẹ̀rọ náà rà. Kí wọ́n tó wá owó kún owó, ọjọ́ tí Bàbá Bámgbóyè dá ti pé, àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan ti kó owó pípé síwájú rẹ̀. Dùnmínínú ní òun á fi ohun tó kù nínú èrè òun kún un, kí wọ́n wá òmíràn. Monínúọlá ní kò sí àwọn méjèèjì mọ́ tó máa wá nǹkan.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n jọ lọ sí báńkì láti pín in. Kálukú gba ₦1,875,625. Dùnmínínú san ₦70,875 lé e fún un. Monínúọlá gbà á, nítorí ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò sọ pé o ṣeun. Lẹ́yìn náà ló lọ bá Títílọpẹ́, ó ní òun fẹ́ ti ₦1,825,000 pa fún àádọ́rùn-ún ọjọ́.

"Orúkọ ta ni, mà?"

"Tèmi nìkan. Nọ́ńbà fóònù tèmi náà ni kí o kọ. Ka ibi ìtanràn yẹn sí mi létí kí n tó fọwọ́ sí i."

Títílọpẹ́ kà á fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó fọwọ́ sí i, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tó jáde, Dùnmínínú wà lẹ́bàá ọkọ̀ Ìgbẹ́mọ kan tó ku èrò méjì kó kún. Ó ti fi àpò rẹ̀ di àyè kan mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. "Ìyá Oore, wọlé ká máa lọ ulé," ló wí.

Monínúọlá kí i bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tí a jọ pàdé lọ́nà. Ó wá kọjá lọ sídìí ọkọ̀ kejì, èyí tí kò tíì ní èrò kan, ó wọ inú rẹ̀, ó sì jókòó dè é kó kún.