Bọ̀ọ̀dá Òkè Òkun

Òórùn igbó tí ọmọkùnrin náà ń mu ṣì wà lára aṣọ rẹ̀, ìyá rẹ̀ aránṣọ sì fi ọwọ́ bo imú. Ọmọ ogún ọdún kọjú sí ògiri ní yàrá dókítà, ó ní fáànù ń pe orúkọ òun, ó sì ń fi òun ṣe ẹlẹ́yà.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ sí mu ún?" ni dókítà bi wọ́n.

"Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, mà," ni aránṣọ dáhùn. " Lójoojúmọ́. Èyí tó bá le jù ló máa ń wá kiri."

Ọkọ aránṣọ, bàbá ọmọ náà, bú sẹ́rìn-ín. "Dókítà, èmi náà ń mu ún láti ìgbà èwe mi. Ṣé orí mi dàrú ni?"

Ẹ̀rín yẹn kó aránṣọ nírìíra. Ọkọ rẹ̀ yìí ló fún ọmọ ní èyí tó kọ́kọ́ mu, tó ní ó ti di ọkùnrin.

"Òótọ́ lẹ sọ, sà," ni dókítà wí. "Ọ̀pọ̀ ló ń mu ún tí nǹkan kan kò ṣe wọ́n. Àmọ́ ọpọlọ ọmọdé ṣì ń dàgbà lọ́wọ́. Igbó líle máa ń dà á rú débi pé ohun tí kò já mọ́ nǹkan kan á bẹ̀rẹ̀ sí ní ìtumọ̀. Ẹni tó tètè bẹ̀rẹ̀, tó sì ń mu ún lójoojúmọ́, ewu tirẹ̀ pọ̀. Tí irú àìsàn yìí bá ti wà nínú ẹbí rẹ̀, ó tún burú sí i. Ṣé ẹnikẹ́ni wà?"

"Kò sí rárá," ni ọkọ dáhùn kíákíá.

"Ẹ̀yin nìkan ni ìyá yín bí?"

"Mo ní ẹ̀gbọ́n kan. Òkè òkun ló wà."

Láti ọjọ́ tí aránṣọ ti wọlé ọkọ ló ti ń gbàdúrà fún Bọ̀ọ̀dá Òkè Òkun. Kò gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí fóònù rí.

"Ìlú wo lókè òkun?" ni dókítà bi í.

Ọkọ wolẹ̀. "Ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ni. Ibẹ̀ ló kú sí. Àwọn òbí wa ló ní ká máa pè é bẹ́ẹ̀."

Aránṣọ wò ó bí ẹni rí ìdin nínú ọbẹ̀. "O mọ̀! O mọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín, o wá ń fi igbó bọ́ ọmọ mi!"

"Mi ò mọ̀ pé ó lè ràn án."

"Àbúrò ọmọ yìí obìnrin ńkọ́?" ni aránṣọ bi í.

Ọkọ yíjú sí fèrèsé. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọmọbìnrin náà.

"Mò ń bi ọ́!"

"Ó kàn máa ń fà á díẹ̀ lọ́wọ́ mi ni. Lópin ọ̀sẹ̀."

Aránṣọ dìde. Ó fa fóònù yọ, ó pe ọmọbìnrin rẹ̀.

"Kó aṣọ rẹ, kó o máa lọ sílé ìyá mi. Báyìí báyìí. Tí bàbá ẹ bá pè ọ́, má gbé e."