Ohùn Tí Kò Sí Nínú Àwo

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Lásárù ni ìyá rẹ̀ kò ti sọ̀rọ̀ mọ́. Létí sàréè ní Akanran ló ti ké títí ohùn fi há a. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì Àpọ́sítélì gbààwẹ̀, wọ́n fi òróró pa á lọ́rùn, wọ́n ní ohùn yóò padà. Ohùn kò padà. Ohun kan ṣoṣo tó ń mú kí ìyá náà gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí ni kásẹ́ẹ̀tì orin tí ọmọ rẹ̀ gbà sílẹ̀ ní kílọ́ọ̀bù Olódò, níbi tó ti ń ṣe díjéè, lálẹ́ tó kú. Kì í sì í ṣe gbogbo kásẹ́ẹ̀tì náà. Ibì kan wà níbẹ̀ tí ohùn obìnrin kan ń jáde ní gígé-gígé lórí ìlù, tí èèyàn kò lè mọ ohun tó ń wí. Bí orin bá ti dé ibẹ̀, Màmá á dìde jókòó, á na ọwọ́ sí abọ́ oúnjẹ.

Alàgbà kan ní kí wọ́n dáná sun kásẹ́ẹ̀tì náà, pé orin ayé kì í wo ọmọ Ọlọ́run sàn. Títílọpẹ́, àbúrò Lásárù, télọ̀ tí ẹnu rẹ̀ mú ju àlùmọ́gàjí ọwọ́ rẹ̀ lọ, ní bí alàgbà bá lè mú kí Màmá jẹun, kó wá sun ún. Alàgbà wá ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n tẹ́ẹ̀pù ti ń gbó. Ibi tí wọ́n ń dá padà sí lójoojúmọ́ ti ń họ. Bó bá já, Màmá kò ní jẹun mọ́, ọ̀rọ̀ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí Títílọpẹ́ fi mú un dání, tó wọ mọ́tò lọ sí Olódò, sọ́dọ̀ Múyì, ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó jogún àpótí àwo orin Lásárù àti iṣẹ́ rẹ̀ ní kílọ́ọ̀bù, pé kó bá òun mọ orúkọ orin yẹn, kí wọ́n lè wá àwo rẹ̀ rà.

"Orúkọ kẹ̀?" Múyì rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n rẹ ò fi orúkọ kankan sílẹ̀ o."

Ó fa àwo kan yọ. Wọ́n ti bó ìwé àárín rẹ̀ kúrò. Díjéè kì í fẹ́ kí ẹlòmíràn mọ orin tí òun fi ń kó èrò jọ. Omi gbígbóná ni Lásárù fi ń rẹ gbogbo ìwé náà tí yóò fi ṣí.

"Àfi ká fi etí mọ̀ ọ́n," Múyì wí, ó sì ti kásẹ́ẹ̀tì bọ inú ẹ̀rọ. "Gbọ́ béèsì yẹn, ohùn ìsàlẹ̀ orin tó ń dún gbì-gbì. Ó ń sọ̀kalẹ̀, ó ń sọ̀kalẹ̀, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá fò sókè. Mo mọ orin tó ṣáájú rẹ̀, mo sì mọ èyí tó tẹ̀lé e. Bí àwo bá ṣe yára sí ni ẹ̀gbọ́n rẹ fi ń tò wọ́n sínú àpótí, èyí tó rọra ń lọ níwájú, èyí tó yára lẹ́yìn. Àárín àwọn méjèèjì ló máa wà."

Òótọ́ ló sọ. Kò pẹ́ tó ti ń gbé abẹ́rẹ́ lé wọn tí béèsì náà fi dún jáde, Títílọpẹ́ sì pàtẹ́wọ́. Àwo náà yí títí ó fi parí. Kò sí obìnrin kankan nínú rẹ̀.

"Ó dáa, a ti ṣì í wá ni," Múyì wí. "Bí díjéè bá ń so orin méjì pọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ jọ lọ fúngbà díẹ̀. Béèsì lè jẹ́ ti èyí, kí ohùn jẹ́ ti èyí tó ń wọlé."

Ó gbé èyí tó tẹ̀lé e sí i, ó yí i padà. Ó gbé èyí tó ṣáájú sí i, ó yí òun náà padà. Kò sí obìnrin. Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀ báyìí. Ó padà sórí kásẹ́ẹ̀tì, ó di ojú, ó ń gbọ́.

"Títí, fetí sí i dáadáa. Níbí, ẹ̀gbọ́n rẹ ń ti bọ́tìnì tó ń mú àwo yára, kó lè bá èyí tó ń bọ̀ dọ́gba. Bí àwo bá yára, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ń gòkè, àti béèsì àti olórin. Ṣé o gbọ́ bí béèsì ṣe ń gòkè?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Ohùn yẹn ò gòkè. Kò sí nínú àwo."

"Bóyá ẹnì kan ló sọ̀rọ̀ sí máìkì."

"Bí máìkì bá wà ní títàn, ariwo àwọn tó ń jó á bá a wọlé. Ṣé o gbọ́ ariwo èèyàn?"

Kò gbọ́. Ó béèrè bóyá wọ́n gba nǹkan mìíràn lé kásẹ́ẹ̀tì náà lórí lẹ́yìn ìgbà yẹn. Múyì ní alẹ́ tí Lásárù kú gan-an ni òun yọ ọ́ nínú ẹ̀rọ, òun sì ṣẹ́ eyín ike tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà lè gba nǹkan lé e. Títílọpẹ́ fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì, ó bá ihò níbi tí eyín wà tẹ́lẹ̀.

Múyì wá yí béèsì ẹ̀rọ náà wálẹ̀ pátápátá. Ohùn náà ṣẹ́kù lórí ìlù tín-ń-rín. Kò sí ẹ̀rọ tó gé e. Ẹkún ló ń gé e.

Títílọpẹ́ mọ̀ ọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ti gbọ́ ohùn Màmá bẹ́ẹ̀ rí, létí sàréè, nígbà tó dì mọ́ pósí, tó ń pe ọmọ rẹ̀ bí Jésù ti pe Lásárù inú Bíbélì, pé kó jáde wá. Kásẹ́ẹ̀tì yìí sì ti wà kí wọ́n tó gbẹ́ sàréè náà. Lásárù ṣì ń mí, ọwọ́ rẹ̀ ń bẹ lórí míkísà tó fi ń so orin pọ̀, nígbà tí ohùn náà wọlé.

Múyì kò tẹ̀ lé wọn dé ibi sàréè, kò sì mọ ohùn ẹni tó jẹ́. Ohun mìíràn ló ń kọ ọ́ lóminú.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ gbọ́ ọ," ó ní. "Kò sẹ́ni tó ń yọ béèsì kúrò níbi tí ijó ti ń gbóná. Ṣùgbọ́n bí ohùn yìí ṣe ń dún lọ, ó ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kó lè gbọ́ ohùn náà. Ìgbà tó sì yá, ó fi orin sílẹ̀ láàárín."

Lóòótọ́, orin náà dákẹ́ lójijì. Gbogbo Olódò ló mọ ìyókù: Lásárù bọ́ ẹ̀rọ etí rẹ̀ lélẹ̀, kò dágbére, ó gun alùpùpù rẹ̀, ó forí lé ọ̀nà ilé, ọkọ̀ akógẹdú sì pàdé rẹ̀ lọ́nà.

"Ta ló ń pè é?" Múyì béèrè.

Ọkàn Títílọpẹ́ lọ sílé, sọ́dọ̀ Màmá. Bí Màmá bá mọ̀ pé ìpè tí òun pè é kó padà wá sílé ayé ló pè é jáde sí ojú ikú, òun náà yóò kú, ọ̀fọ̀ ẹni méjì ni wọn yóò sì jọ máa ṣe.

"Bùrọ̀dá, ẹ má wá orúkọ mọ́," ó ní. "Ẹ bá mi so àwọn àwo yìí pọ̀ bó ṣe so wọ́n, sórí kásẹ́ẹ̀tì tuntun. Ẹ jẹ́ kí béèsì máa lọ. Kí ohùn yẹn má sí níbẹ̀."

Múyì ṣe é bẹ́ẹ̀. Títílọpẹ́ fi ti àtijọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà Akanran lọ.

Oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run nígbà tó délé. Ó ti kásẹ́ẹ̀tì tuntun bọ inú rédíò, ó gbé abọ́ ẹ̀kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá, ó sì jókòó, ó ń wò ó bóyá á jẹun. Orin náà dé ibẹ̀. Béèsì sọ̀kalẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀, ó dákẹ́, ó fò sókè, ó ń lọ geere. Màmá gbé orí sókè, ó ń dúró. Ohùn náà kò wá. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ó wo rédíò. Kò bínú rárá. Ó dìde jókòó, ó sì tún ìró rẹ̀ ró, bí ẹni tí wọ́n ní ó kàn láti gbàdúrà.

Ó la ẹnu.

"Lásárù!"

Ẹkún gé e. Ó tún pè é, ẹkún tún gé e, ibi tí ó gé sí sì bá ìlù mu rẹ́gí. Ó yẹ kí Títílọpẹ́ kígbe halelúyà, nítorí ohùn ti padà. Ṣùgbọ́n nínú rédíò, béèsì tí Múyì kò yọ ti yọ kúrò fúnra rẹ̀, bí ẹni pé Lásárù ló ń yọ ọ́ kó lè gbọ́.

Títílọpẹ́ fò dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ìyá rẹ̀ lẹ́nu.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é mọ́," ó ń sunkún. "Ó ti gbọ́."