Abúlé Mẹ́rin, Láìsí Bóyá

Dókítà-Ọ̀la ni gbogbo ilé ń pè é kí oyè tó dé. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó jókòó ti Àǹtí, àbúrò ìyá rẹ̀, nínú yàrá ìwádìí tí ìkòkò amọ̀ kún inú rẹ̀. Èdè Faransé kì í ṣe èdè abínibí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ni àwọn tó pe àpérò fi ń gba àkópọ̀ ìwádìí, wọn kò sì ní gbà á mọ́ bí ilẹ̀ bá ṣú.

Àǹtí ti ń tún ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe tipẹ́, kì í sì í ṣojú àánú.

“O wọn omi lánàá, o tún ń wọ̀n ọ́n lọ́wọ́ nínú gbólóhùn kan náà. Ohun tí ẹ ṣe àti ohun tí ẹ rí, *passé composé*, ìṣe tó ti kọjá, ni kí gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ohun tí ayé ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, àti ìparí rẹ, kó wà ní *présent*, ìṣe ìsinsìnyí. *Passé simple* yìí, tí wọ́n fi ń kọ ìtàn, ńkọ́? Ṣé àlọ́ lò ń pa?”

Dókítà-Ọ̀la rẹ́rìn-ín, ó gbà. Àǹtí sọ *je*, “èmi”, di *nous*, “àwa”, ó yọ orúkọ ìwé tó tọ́ka sí, torí àkópọ̀ kì í gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ó gbà yẹn náà. Àfi ìgbà tó dé gbólóhùn ìkẹyìn. *Montrent*, “ó fi hàn”, ti di *pourraient suggérer*, “bóyá ó fẹ́ jọ pé”.

“Àǹtí, ṣé àṣìṣe ni mo kọ ni?”

“Rárá. Ọ̀gá yín tó ń darí ìwádìí yìí ló pè mí. Ó ní àlejò èdè ni ẹ́, kó o máa rọra sọ̀rọ̀.”

Inú bí Dókítà-Ọ̀la gan-an. Ọ̀gá ló ṣe ìkòkò amọ̀ tí wọ́n ń pín fún àwọn ará abúlé láti fi sẹ́ omi mímu. Bí àwọn tó ń pín in bá ka bóyá, wọn yóò máa pín in kiri nìṣó.

“Gbogbo ìkòkò tí a yẹ̀ wò lásìkò òjò ló ń jẹ́ kí kòkòrò àrùn kọjá. Ìgbẹ́ gbuuru tó ń yọ àwọn ọmọ lẹ́nu níbẹ̀ kì í ṣe bóyá.”

Àǹtí bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. “Ibo lẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò?”

“Abúlé mẹ́rin.”

“Kọ abúlé mẹ́rin síbẹ̀. Ẹni tó bá sọ ibi tí òun dé, kò fi bóyá ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo ṣi iṣẹ́ ṣe. Ọ̀rọ̀ ẹ ni, kì í ṣe tèmi.” Ó dá *montrent* padà, ó fi *dans quatre villages*, “ní abúlé mẹ́rin”, tì í.

Ibẹ̀ ni ọ̀gá bá wọn. Ó kà á lórí ìdúró, ojú rẹ̀ le.

“Bó bá máa lọ báyìí, ẹ yọ orúkọ mi. Ká wá wo ẹni tó máa ka ìwé ọmọdé.”

Orúkọ ọ̀gá ló máa ń jẹ́ kí wọ́n ṣí ìwé wò. Dókítà-Ọ̀la fa kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

“Ẹ sún mọ́ ibí, sà, kẹ́ ẹ rí i pé mo yọ ọ́ tán.”

Orúkọ kan ṣoṣo ló kù lókè ìwé náà, ó sì fi í ránṣẹ́ sí àpérò lójú ọ̀gá.