Ibi tí Rédà Kò Ríran

Ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ ojú-ọjọ́ fẹ́ràn ibi gíga. Nígbà tí wọ́n ń tún ilé-iṣẹ́ náà kọ́, ó ní ọ́fíìsì òun gbọ́dọ̀ ga ju àwo rédà tó ń yí lórí òpó lẹ́yìnkùlé lọ, torí kò bójú mu kí irinṣẹ́ máa wo ọ̀gá láti òkè. Wọ́n bá fi àjà kan lé ilé, ọ̀gá gòkè, ó fìdí kalẹ̀.

Láti ìgbà náà ni òjò kò ti rọ̀ mọ́ ní apá ìlà-oòrùn ìlú, lójú rédà o. Bí gbogbo ìyókù àwòrán rédà bá pọ́n kankan, tó fi hàn pé òjò ń ya lulẹ̀, apá ibẹ̀ á mọ́ féfé. Ọ̀gá kò bi ara rẹ̀ léèrè kankan. Ó ń ròyìn ọ̀gbẹlẹ̀ náà lórí rédíò bí ẹni pé òun ló bá òjò ṣàdéhùn.

Obìnrin tó jẹ́ olórí yàrá rédà, tí wọ́n ń pè ní Ojú-Sánmà, ti là á yé e títí.

"Sà, ìgbì ni rédà ń rán jáde. Tó bá kan ẹ̀kán òjò, díẹ̀ á padà wá bá wa. Bó ṣe pẹ́ sí lọ́nà la fi ń mọ bí òjò ṣe jìnnà tó, bó ṣe lágbára sí la fi ń mọ bó ṣe pọ̀ tó. Èyí tó ń lọ sí ìlà-oòrùn, ara ọ́fíìsì yín ló ń kàn, kò lè kọjá. Kọ̀ǹpútà sì máa ń pa ohun tí kò bá kúrò lójú kan rẹ́, kó má baà ka ilé mọ́ òjò. Ló ṣe mọ́ féfé."

"Èmi ni mo wá ń dínà òjò?"

"Rédà lẹ dí lójú, sà."

Ọ̀gá ní ìlara ló ń bá a jà.

Bẹ́ẹ̀, apá ìlà-oòrùn yẹn ni ìyá ọ̀gá ń gbé. Òrùlé màmá ti ń jò, ọmọ sì ti ṣèlérí páànù tuntun. Láàárọ̀ ọjọ́ tí káfíńtà dé, ọ̀gá wo rédà, kò rí nǹkan kan. Ó ní kí wọ́n ṣí gbogbo orí ilé pátá.

Kò pẹ́ tí Ojú-Sánmà fi sáré gòkè tòun ti àwòrán sátẹ́láìtì.

"Sà, ẹ wo ìkuukùu tó wà lórí ilé màmá. Òkè rẹ̀ ti tutù jù, ìyẹn ni pé ó ti ga réré. Ó sì ń fẹ̀ sí i."

"Ṣebí ìwọ lo kọ́ mi pé òkè ìkuukùu ni sátẹ́láìtì yìí ń wò, pé kò rí ohun tó ń jábọ́ nísàlẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, òmíràn á tutù, kò sì ní rọ̀. Ìdí nìyẹn tá a fi ń fi rédà wé e. Ṣùgbọ́n lápá ibẹ̀ yẹn, a ò ní rédà! Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n bo orí ilé màmá."

Fóònù dún.

"Ọmọ mi, òjò ń rọ̀."

Ọ̀gá yẹ rédà wò. "Màámi, kò sí òjò lọ́dọ̀ yín."

"Kí ló wá ń dà sórí bẹ́ẹ̀dì mi?"

"Ẹ jẹ́ n tún un wò." Ó tún un wò. "Ó mọ́ féfé, Màámi."

"Kò burú. Sọ fún rédà rẹ kó wá bá mi fún aṣọ tó ti rin."

Ààrá sán nínú fóònù, ohùn ìyá sì pòórá. Obìnrin tí otútù kì í fi àyà rẹ̀ sílẹ̀! Ọ̀gá sáré sọ̀ kalẹ̀, ó gbàgbé bàtà ẹsẹ̀ kan. Nígbà tó dé ilé màmá, abẹ́ tábìlì ló ti bá ìyá rẹ̀, tó ń gbọ̀n, tó di fọ́tò bàbá mọ́ àyà. Ojú tì í débi pé kò lè kí i.

Ó gbé e wá sí yàrá rédà, níbi tó móoru. Ìyá wo ojú rédà, ó rí i pé apá tòun nìkan ló mọ́ féfé, ó bèèrè ohun tó dúró síwájú ilé òun. Ojú-Sánmà wo ilẹ̀.

"Ọ́fíìsì mi ni, Màámi," ni ọ̀gá fúnra rẹ̀ wí.

"Òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀tá, ẹni eji bá rí leji ń pa. Ìwọ lo ṣí òrùlé mi sílẹ̀ fún un. Lọ ṣí tìẹ náà."

Àwọn bíríkìlà dé. Ọjọ́ tí ògiri tó kẹ́yìn wó, ọ̀gá dúró ti tábìlì rẹ̀ ní gbangba. Ojú-Sánmà pè é láti ìsàlẹ̀: "Sà, ẹ sọ̀ kalẹ̀! Rédà ti rí ìlà-oòrùn. Òjò ńlá ń bọ̀!"

Ọ̀gá pe ìyá rẹ̀. "Màámi, ẹ kó aṣọ wọlé."

"Mo ti kó o. Ta ló sọ fún ẹ?"

"Rédà ni. Ojú rẹ̀ ti là."

"Ó káre. Tìẹ ńkọ́?"

Kó tó dáhùn, ẹ̀kán àkọ́kọ́ bọ́ sí i láàárín orí.